Ìtàn tí kò yé ẹni tó ń sọ ọ́: bí a ṣe ń fi ojú ọmọdé kọ ọ̀rọ̀ àgbà

Tẹlifíṣọ̀n kúrò lórí tábìlì. Ọmọ ọdún méje bi ìyá rẹ̀, ìyá ní ó lọ fún àtúnṣe. Lọ́sẹ̀ kejì, aago ara ògiri náà lọ fún àtúnṣe. Ọmọ gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kàwé ti mọ̀ pé wọ́n ń ta ẹrù ilé ni, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò sọ fún un. Àlàfo tó wà láàárín ohun tí ọmọ gbà àti ohun tí òǹkàwé mọ̀ ni irú ìtàn yìí ń gbé. Iṣẹ́ òǹkọ̀wé ni kó má jẹ̀ẹ́ kí àlàfo náà dí kí ìtàn tó parí.

Ìtàn kan náà la ó máa lò láti òkè dé ilẹ̀ níbí. Àríkẹ́ lorúkọ ọmọ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́, ìtàn kúkúrú ni, kò ju 2,000 ọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ kọ ìtàn méjì kí ẹ tó kọ ọ̀kan

Ẹ fa ìlà sáàárín abala ìwé kan. Lápá òsì, ẹ kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an láàárín àwọn àgbà, pẹ̀lú ìgbà tó ṣẹlẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Ní ti Àríkẹ́, ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá. Kò fẹ́ kí aládùúgbò mọ̀, nítorí náà ó ṣì ń múra jáde láràárọ̀. Ìyá ń ta ẹrù ilé lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ. Owó ilé ìwé ti tó san, ó wá ku máṣíìnì ìránṣọ ìyá nìkan tó lè mú owó gidi wá. Bẹ́ẹ̀, aṣọ tí ìyá ń rán lórí máṣíìnì yẹn ni owó kan ṣoṣo tó ṣì ń wọlé.

Lápá ọ̀tún, ẹ kọ ohun tí ọmọ rò. Ibí lọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti ń kánjú. Wọ́n á kọ ọ́ pé "ọmọ ò mọ nǹkan kan," wọ́n á sì kọjá lọ. Ọmọdé kì í fi ihò sílẹ̀ nínú ohun tó bá rí. Èyí tí kò bá yé e, á fi nǹkan tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ dí i. Àríkẹ́ gbà pé ẹrù ilé wọn ń ṣàìsàn ni, pé ọ̀kan ló kó o ran èkejì, gẹ́gẹ́ bí òun àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣe kó ikọ́ ran ara wọn. Ibi àtúnṣe ni ilé ìwòsàn ẹrù. Ẹni tó bá wá gbé e, dókítà ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú apá òsì ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi apá ọ̀tún pé kí ló rí sí i. Ìlà kan wà tó máa há: ọkùnrin tó wá gbé máṣíìnì kó owó fún ìyá. Kí ló dé tí alátùn-únṣe á máa fún ẹni tó ni ẹrù lówó? Àríkẹ́ ti rí i rí pé wọ́n ń sanwó fún ẹni tó tún bàtà òun ṣe. Tí ẹ ò bá rí ìdáhùn fún un, ọ̀kan nínú méjì ni: kí ọmọ náà dà bí òmùgọ̀, tàbí kí òǹkàwé rí ọwọ́ yín níbi tí ẹ ti ń fipá tì í.

Inú ayé ọmọ náà ni kí ẹ ti wá ìdáhùn, ẹ má wá a nínú ayé tiyín. Ní kíláàsì Àríkẹ́, ẹni tó bá yá pẹ́ńsù ẹlòmíì á fi nǹkan tirẹ̀ dógò títí á fi dá a padà. Ó parí nìyẹn. Owó orí tábìlì, ìdógò ni. Ẹ wo bí ìdáhùn kékeré yìí ṣe ń bímọ: tí ọkùnrin náà bá dín owó kù, ìdógò ló dín kù, tí ìyá bá ná owó náà, ìdógò onídògò ló ná. Àlàyé ọmọdé tó bá dára máa ń fa ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun lọ́nà yìí. Èyí tí kò bá fa nǹkan kan lẹ́yìn ìgbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò ó, ẹ wá òmíì.

Ọmọ ọdún mélòó?

Ní 1983, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá méjì, Heinz Wimmer àti Josef Perner, tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde. Wọ́n sọ ìtàn Maxi fún àwọn ọmọdé: Maxi fi ṣokoléètì rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù kan, ó jáde lọ ṣeré, ìyá rẹ̀ sì gbé e lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù mìíràn. Tí Maxi bá padà dé, ibo ló máa kọ́kọ́ wò? Àwọn tó kéré jù, ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i gbà. Ibi tí ṣokoléètì wà gan-an ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ohun tí àwọn fúnra wọn mọ̀, wọ́n rò pé Maxi náà mọ̀ ọ́n. Bí ọjọ́ orí ṣe ń pọ̀ sí i ni ìdáhùn wọn ń gún.

Èyí wúlò fún wa. Ọmọ ọdún mẹ́ta ò lè fura pé ìyá rẹ̀ ń fi nǹkan pa mọ́, torí náà ẹ má kọ ọ́ pé ó fura. Ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ mọ̀ pé àgbà lè purọ́, òun náà ń pa á, àmọ́ kò tíì mọ ìdí tí àgbà fi lè purọ́ nípa tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ti mọ ìyàtọ̀ títà àti àtúnṣe. Tí ẹ bá fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣì í mọ̀, ohun tí kò fẹ́ mọ̀ ni kí ẹ gbé e lé lórí, ìtàn mìíràn sì nìyẹn. Ọdún méje bá Àríkẹ́ mu: ó lè ka owó, kò mọ iye tí máṣíìnì tó. Ó tún ṣì lè gbà láìjanpata pé nǹkan tí kò lẹ́mìí lè ṣàìsàn.

Ohun tí èdè wa fi sí ẹnu àgbà

Àwọn àgbà máa ń fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀ lójú ọmọdé, Yorùbá sì ní irú rẹ̀ jaburata. Àǹtí Àríkẹ́ wá kí wọn, ó rọ ohùn sílẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn: "Ṣé wọ́n ti dá a dúró pátápátá ni?" Òǹkàwé ti gbọ́ nǹkan tó gbọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí Àríkẹ́ ti mọ "dá dúró" ni ilé ìwé, níbi tí tíṣà ti máa ń dá ọmọ tó bá pariwo dúró lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti lọlé, tí onítọ̀hún á sì wà lórí ìdúró. Ó yé e wàyí. Wọ́n ń fìyà jẹ Bàbá níbi iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi máa ń dùn wọ́n tí wọ́n bá dé. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé àpótí ìjókòó sẹ́nu ọ̀nà de bàbá rẹ̀. Bàbá ò mọ ìdí. Ó ń jókòó síbẹ̀.

Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣà jọ: èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ méjèèjì jẹ́ òtítọ́ nínú èdè, tí ọmọ sì mọ ọ̀kan péré. Obìnrin "fẹ́ra kù," ọmọ ń wá ẹni tó kù. Ọba "wàjà," ọmọ ń wo òkè àjà. Ẹyọ kan tó ìtàn kúkúrú kan. Tó bá di mẹ́ta, ó ti di àwàdà.

Ẹ má ṣe fi ohùn ọ̀rọ̀ dá àṣìṣe sílẹ̀ fún ọmọ o. Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá láti kékeré kò ní gbọ́ "ọkọ̀" kó rò pé "ọkọ" ni. Etí rẹ̀ ti yà wọ́n sọ́tọ̀ kó tó mọ̀wé kọ. Inú ìwé tí kò ní àmì ohùn nìkan ni ìdàrúdàpọ̀ yẹn ń gbé. Òǹkọ̀wé tó bá lò ó ti fi hàn pé ojú lòun fi ń kọ èdè, òun ò gbọ́ ọ.

Ìṣòro kan tún wà nínú èdè wa. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa á pe bàbá ní "wọ́n," á pe ìyá ní "wọ́n," á pe àlejò náà ní "wọ́n." Tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà nínú yàrá kan, òǹkàwé ò ní mọ ẹni tó ṣe kí ni. Ẹ fún àgbà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí ọmọ fúnra rẹ̀ lè sọ ọ́, èyí tó bá ojú rẹ̀ mu: Màmá, Bàbá, ọkùnrin oníbàtà funfun. Ẹ máa pe orúkọ náà nígbàkigbà tí ẹni tó ń ṣe nǹkan bá yí padà, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú ìpínrọ̀ kan. Ohùn ọmọdé ni yóò fún ìtàn náà. Ọ̀wọ̀ yìí tún ní èrè tirẹ̀: lọ́jọ́ tí Àríkẹ́ bá ti ń pe ọkùnrin náà ní "ó" dípò "wọ́n," òǹkàwé á mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ nínú ọmọ náà, ẹ ò sì ní sọ gbólóhùn kan lé e.

Ibi tí àwọn àmì ń gbé

Kí òǹkàwé tó dé orí ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá, ó yẹ kó ti rí àmì bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nínú ìtàn tó jẹ́ 2,000 ọ̀rọ̀, mo máa ń fẹ́ kí mẹ́ta wà nínú 600 àkọ́kọ́. Fún Àríkẹ́, àwọn ni tẹlifíṣọ̀n, gbólóhùn Àǹtí, àti àpò iṣẹ́ bàbá, tó ti fúyẹ́ débi pé ọmọ lè fi ìka kan gbé e. Ẹ má fi àmì parí ìpínrọ̀, torí ibẹ̀ ni ojú ti máa ń dúró, òǹkàwé á sì mọ̀ pé ẹ ń fi nǹkan hàn òun. Ẹ fi í sáàárín ohun tó gba ọmọ náà lọ́kàn. Àríkẹ́ mọ̀ pé àpò fúyẹ́ nítorí pé òun àti àbúrò rẹ̀ ń du ẹni tó máa gbé e. Ìjà ni gbólóhùn tó kàn.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá fetí kọ́ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, kó má ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èyí tó bá kù, ojú ni kó fi rí i.

Ìṣẹ̀lẹ̀ náà gan-an

Ẹ wo bó ṣe lè lọ.

"Ọkùnrin oníbàtà funfun wọlé, wọn ò jókòó. Wọ́n ní kí Màmá tẹ máṣíìnì kí àwọn gbọ́ bó ṣe ń dún. Màmá tẹ̀ ẹ́. Ó dún dáadáa, àmọ́ mo mọ̀ pé ojú ayé ló ń ṣe, bí èmi náà ṣe máa ń ṣe tí dókítà bá ní ṣé inú ṣì ń run mí. Mo ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá pẹ́ díẹ̀ ó máa ń wúkọ́. Ó tún máa ń já òwú.'

'Àríkẹ́, bọ́ síta.'

Mi ò tíì sọ ti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń mì. Mo yára sọ ọ́ kí n tó dé ẹnu ọ̀nà.

Mo dúró sí ojú fèrèsé. Owó wà lórí tábìlì. Ọkùnrin oníbàtà funfun tún un kà, wọ́n mú díẹ̀ nínú rẹ̀ padà sínú àpò wọn. Màmá ò sọ̀rọ̀. Màmá ń fi aṣọ nu orí máṣíìnì, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti nù ún láàárọ̀. Inú mi dùn. Nǹkan tó bá kéré, ìdógò rẹ̀ náà máa ń kéré. Àìsàn máṣíìnì wa ò le, kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń gbé e jáde, mo sọ fún ọkùnrin náà pé òwú dúdú ló fẹ́ràn jù. Wọ́n wò mí, wọ́n wo Màmá. 'Ọmọ yín gbọ́n,' ni wọ́n wí."

Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe tò ó. Ohun tí ojú rí ló kọ́kọ́ jáde, láìní àlàyé: ó tún owó kà, ó mú díẹ̀ padà. Gbólóhùn méjì wà láàárín kí ìtumọ̀ ọmọ tó dé. Láàárín gbólóhùn méjì yẹn ni òǹkàwé ti débẹ̀ ṣáájú Àríkẹ́, tí inú rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Tí ẹ bá ṣí i pẹ̀lú "wọ́n mú díẹ̀ nínú ìdógò padà," ẹ ti gba iṣẹ́ òǹkàwé ṣe.

Aṣọ tí Màmá fi ń nu máṣíìnì ńkọ́? Àríkẹ́ rí i, kò túmọ̀ rẹ̀, ó kọjá. Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ohun kan sílẹ̀ tí ọmọ kàn rí lásán, ọwọ́ àgbà ló sì máa ń dára jù fún un. Tí ọmọ bá rí àlàyé fún gbogbo nǹkan, òǹkàwé á máa retí àlàyé bí ẹni tó ń retí ẹsẹ̀ àlọ́ tó kàn.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni pé àṣìṣe Àríkẹ́ ná wọn lówó. Kò jókòó máa wò lásán. Ó ṣe ohun tó yẹ kí ọmọ rere ṣe fún ẹrù tó ń ṣàìsàn, ìyẹn gan-an ló sì já iye rẹ̀ wálẹ̀ lójú ìyá rẹ̀. Tí ọmọ inú ìtàn yín bá ń ṣi nǹkan mọ̀ láìṣe nǹkan kan lé e lórí, òǹkàwé á káàánú rẹ̀ fún ojú ewé kan, á sì sú u ní èkejì.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí àgbà yọ lẹ́nu ọmọ. "Ìbànújẹ́ bo ojú Màmá" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún méje, kódà tó bá mọ ọ̀rọ̀ náà, torí ó ti túmọ̀ ojú ìyá rẹ̀ bí àgbà. Ẹ lọ wá gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ń dárúkọ ohun tó wà nínú àgbà, ìbànújẹ́, ìtìjú, àníyàn, kí ẹ fi ohun tí ara ń ṣe rọ́pò rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ ni "ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé..." Gbólóhùn kan yẹn tó láti dí àlàfo tí ẹ fi ojú ewé márùn-ún là.

Èkejì ni àgbà tó ń rojọ́ fún òǹkàwé. Bàbá tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ kò ní jókòó sọ fún ara wọn pé "láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, tí a sì ti ta aago." Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n. "Èló ló lóun máa san?" ti tó. Tí gbólóhùn àgbà bá ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ létí ọmọ, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rín. Ọmọ tó ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ máa ń pani lẹ́rìn-ín, òǹkọ̀wé a sì fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ọ̀nà tí a fi ń dá èyí tó yẹ kó lọ mọ̀ rọrùn: ẹ yọ ìṣòro àwọn àgbà kúrò. Tí gbólóhùn náà bá ṣì pani lẹ́rìn-ín bákan náà, kò níṣẹ́ kankan nínú ìtàn, ẹ gé e.

Ẹ fi lọ ẹni mẹ́ta

Ẹ wá ẹni mẹ́ta tí kò gbọ́ nǹkan kan nípa ìtàn náà. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó dára. Ẹ bi wọ́n pé: kí ni ọkùnrin yẹn wá ṣe? Ibo lẹ ti mọ̀? Kí ni ọmọ náà fà? Kò burú kí wọ́n ti mọ̀ ọ̀rọ̀ títà láti ojú ewé kìíní. Ẹ ò bò ó mọ́ wọn lára. Ìbéèrè kẹta ló ń fi àléébù hàn. Ẹni tí kò bá rí i pé ẹnu Àríkẹ́ ló dín owó kù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi tí ọmọ ti sọ̀rọ̀ jìnnà jù sí ibi tí wọ́n ti tún owó kà. Ẹ sún wọn mọ́ra. Ẹ má ṣe fi àlàyé kún un. Tí ẹni méjì nínú mẹ́ta bá sì ní àwọn ò mọ ohun tí ọkùnrin náà wá ṣe, ẹ padà sí 600 ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni àmì ti kù.

Ní ti ìparí, kò pọn dandan kí ọmọ mọ òótọ́. Ìyá san owó ilé ìwé. Àríkẹ́ rí i pé owó ìdógò ni, orí rẹ̀ gbóná: tí wọ́n bá gbé máṣíìnì padà wá ńkọ́, kí ni wọ́n máa dá padà? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to owó ẹyọ jọ sínú ike. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Lálẹ́ ọjọ́ kan, bàbá dé, ó jókòó sórí àpótí tó gbé dè é, Àríkẹ́ sì gbé ike náà wá, ó bi í pé èló ló kù kí máṣíìnì tó lè padà wálé, torí ọkùnrin yẹn ti pẹ́ jù, ó sì ṣèlérí. "Ó" ló pe ọkùnrin náà. Ẹ jẹ́ kí bàbá tú owó náà sórí itan rẹ̀, kó kà á, kó sì dárúkọ iye kan fún un.